Ṣé purotéènì ni àwọ̀ ewé tó wà lórí sítíríìpù ìtọ̀ ìyàwó mi?

Bàbá Tólú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyàwó mi wà nínú oyún ọ̀sẹ̀ 31, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra sítíríìpù ìtọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì àdúgbò wa. Inú ọ̀rá kékeré ló kà á sí fún mi, ó wá fi fọ́tò sáàtì àwọ̀ tó wà lára ike rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo gbé sítíríìpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo ń wo àwọn páàdì aláwọ̀ kéékèèké ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. PRO, ti purotéènì, di àwọ̀ ewé, ìyẹn àmì ròpọ̀ méjì. BLO, ti ẹ̀jẹ̀, náà fẹ́ dà bí ewé. SG, tó ń sọ bí ìtọ̀ ṣe ki tó, jẹ́ yẹ́lò, 1.030. Èyí tí kò yé mi ni pé GLU dà bíi kírímù, LEU sì dà bí aró tí wọ́n là lómi, n kò rí méjèèjì lórí sáàtì. Mo fi fọ́tò méjèèjì sísàlẹ̀. Ṣé kí n gbé e lọ ilé ìwòsàn ní òru yìí?

Àǹtí Bísí

Bàbá Tólú, ẹ má fi àsìkò ṣòfò. Purotéènì àmì ròpọ̀ méjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún nìyẹn, ohun tó máa ń di gìrì aboyún. Mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí fún ọdún mẹ́rin, mo ti rí i. Ẹ gbé wọn lọ báyìí.

Ìyá Lábù

Bàbá Tólú, ẹ dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́rin kí a tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ rárá. Ṣé orí ń fọ́ wọn, irú èyí tí oògùn kò kápá? Ṣé ojú wọn ń ṣe bàìbàì tàbí wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà? Ṣé abẹ́ ìhà wọn lápá ọ̀tún lókè ikùn ń ro wọ́n? Ṣé ojú tàbí ọwọ́ wọn náà wú lójijì? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ sọ sítíríìpù nù, kí ẹ gbé wọn lọ lóru yìí. Kò sí àwọ̀ tó lè dá ìyẹn dúró. Bí kò bá sì sí, kí wọ́n wọn ìfúnpá wọn láàárọ̀ ọ̀la, kó má kọjá ọ̀la.

Ní ti fọ́tò, n kò fara mọ́ ohun tí Àǹtí Bísí sọ, nítorí kì í ṣe purotéènì ni ẹ ń wò. Orí ni ẹ gbé sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni ẹ gbé sókè. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni àwọn méjì tí ẹ ní ẹ kò rí lórí sáàtì. Lórí irú sítíríìpù yìí, páàdì GLU tí kò rí ṣúgà máa ń wà ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ṣúgà bá wà, á lọ sí ewé, á sì ti ibẹ̀ lọ sí búráùn. Kò sí ibi tó ti ń di kírímù. LEU, tó ń wá sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀, ló ń jẹ́ kírímù bí kò bá rí nǹkan, elésè àlùkò ló sì ń dà bó bá rí i. Kò sí ọ̀nà tí LEU fi lè di aró. Páàdì kírímù tí ẹ pè ní GLU, LEU ni. Aró tí ẹ pè ní LEU, GLU ni.

Ẹ wá bá mi ka sáàtì yín láti òkè wá sílẹ̀: LEU, NIT, URO, PRO, pH, BLO, SG, KET, BIL, GLU. Páàdì mẹ́wàá ni. Bí ẹ bá dojú sítíríìpù délẹ̀, ẹni kẹrin láti òkè á bọ́ sí ipò ẹni keje. Ẹ ti rí i báyìí: PRO àti SG ló pààrọ̀ àyè, pH àti BLO náà pààrọ̀ àyè. Àwọ̀ ewé tí ẹ kà sí purotéènì, SG ni, ó sì bá nǹkan bíi 1.015 mu, èyí tí kò burú rárá. Àwọ̀ ewé tí ẹ kà sí ẹ̀jẹ̀, pH ni.

Àṣìṣe tó burú jù lọ lórí sítíríìpù nìyẹn, nítorí kì í jọ àṣìṣe. Àwọ̀ PRO ń lọ láti yẹ́lò sí ewé, àwọ̀ SG náà wà láàárín ewé àti yẹ́lò. Ìtọ̀ tó dá ṣáká á fún yín ní purotéènì tó ń dẹ́rù bani. Bó bá sì jẹ́ pé purotéènì wà níbẹ̀ lóòótọ́, SG ni ẹ máa kà á sí, ẹ ò sì ní bìkítà.

Bàbá Tólú

Háà, ẹ ṣeun, mà. Mo ti bi wọ́n. Orí kò fọ́ wọn, ojú wọn mọ́lẹ̀, ikùn kò ro wọ́n, ẹsẹ̀ nìkan ló wú. Mo yí sítíríìpù padà, òótọ́ ni, GLU àti LEU ti bá sáàtì mu wẹ́kú. PRO ti di yẹ́lò báyìí. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣé mo lè gbà pé kò sí purotéènì?

Ìyá Lábù

Ẹ má tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni ẹ ya fọ́tò yẹn lẹ́yìn tí ẹ ti rì í bọ ìtọ̀? Irú iná wo ló wà nínú yàrá?

Bàbá Tólú

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára kí fọ́tò oníkẹ́míìsì lè ṣí. Iná mànàmáná kò sí, gílóòbù kékeré tó ń lo bátìrì la tàn, ó pupa díẹ̀.

Ìyá Lábù

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí páàdì PRO ń ṣe, nígbà náà ẹ máa mọ ìdí tí n kò fi gba fọ́tò yẹn gbọ́ yálà ó dẹ́rù bà yín tàbí ó fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Aró kan wà nínú páàdì yẹn tó jẹ́ pé ásíìdì ló máa ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Nínú ásíìdì, yẹ́lò ni. Bí ásíìdì bá dín kù, á di ewé, á sì lọ sí àwọ̀ aró. Àwọn tó ṣe sítíríìpù fi ásíìdì gbígbẹ kún un, èyí tó ń dá pH ibẹ̀ dúró sí nǹkan bíi 3, kí aró yẹn má lè kúrò ní yẹ́lò láìka irú ìtọ̀ tó bá bọ́ sí i lórí. Ṣùgbọ́n álíbúmíìnì, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀ wa, ń so mọ́ aró náà, ó ń gba ásíìdì lára rẹ̀. Aró á wá di ewé bó tilẹ̀ jẹ́ pé pH kò yí padà. Nítorí náà, ewé tí ẹ ń rí jẹ́ àmì pé álíbúmíìnì ti bá aró wọ̀jà. Kò rí purotéènì mìíràn dáadáa. Mo ti rí aláìsàn tí egungun ń ro, tí purotéènì inú ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi nǹkan, tí páàdì yìí kò sì sọ nǹkan kan, nítorí irú purotéènì tirẹ̀ kì í ṣe álíbúmíìnì.

Ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá fi sítíríìpù sínú ìtọ̀ pẹ́ jù, tàbí tí ìtọ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀, ásíìdì inú páàdì á ṣàn lọ, aró á di ewé láìsí purotéènì kankan. Bí ìtọ̀ fúnra rẹ̀ bá jìnnà sí ásíìdì jù, tí pH kọjá 8, bíi ìtọ̀ tó ti wà nínú ike láti àárọ̀, á borí ásíìdì inú páàdì, ewé náà ni ẹ máa rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rì í bọ̀ ní wàrà, tí a ń nu etí rẹ̀ lára ẹnu ike, tí a gbé e sùn gbalaja kí omi páàdì kan má ṣàn lọ bá èkejì, tí a sì ń kà á nígbà tí wọ́n ní kí a kà á. GLU jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30. PRO jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 60. LEU jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń wọ̀n mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, páàdì gbígbẹ ni ẹ yà.

Iná pupa náà tún wà níbẹ̀. Ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ àmì díẹ̀, lábẹ́ gílóòbù pupa, yẹ́lò ló máa jọ.

Àrẹ̀mú Ayàwòrán

Mo ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Èkó, n kò mọ̀ nípa ìtọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nípa àwọ̀. Bàbá Tólú, fóònù yín kò ya ohun tí ojú yín rí. Ó ń wò gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó ń mú ohun tó bá rò pé ó jẹ́ funfun, ó sì ń yí gbogbo àwọ̀ yòókù tẹ̀lé e. Ẹ ya sítíríìpù kan náà lórí aṣọ tábìlì aláró àti lórí aṣọ tábìlì pupa, àwọ̀ méjì ni ẹ máa rí. Ẹ tún ní ẹ fi ara sítíríìpù wé ojú fóònù. Ojú fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde, sítíríìpù sì ń lo ìmọ́lẹ̀ gílóòbù. Wọn kò sí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà rárá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti tan ohun tó máa ń sọ ojú fóònù di pupa lálẹ́, sáàtì yẹn ti yí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ gbé sítíríìpù àti ike rẹ̀ sínú fọ́tò kan ṣoṣo, lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, láìtan iná fóònù. Ohun yòówù kí fóònù ṣe sí àwọ̀, á ṣe é sí méjèèjì bákan náà. Ẹ fi pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lè fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe fún yín.

Ìyá Lábù

Ọmọ mi, o ṣeun, òótọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ike àti sítíríìpù nínú fọ́tò kan náà ni mo máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yà. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé a lè fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. O lè tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, o kò lè dá àsìkò padà. Ohun kan tún wà: íńkì tí wọ́n fi tẹ sáàtì àti aró inú páàdì kì í ṣe nǹkan kan náà. Wọ́n ń jọra lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, wọ́n lè má jọra mọ́ lábẹ́ gílóòbù kan.

Àrẹ̀mú Ayàwòrán

Èyí tó kẹ́yìn yẹn mo mọ̀ ọ́n, mà, a máa ń rí i lára aṣọ. Léèsì méjì tó bára mu ní ṣọ́ọ̀bù á yàtọ̀ síra ní gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni a yà á, ní ìṣẹ́jú àáyá 60 gan-an, mo ṣì gbà pé fọ́tò lè ṣiṣẹ́.

Ìyá Lábù

Bí ojú bá wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 60, kí ló dé tí a kò ní fi ojú kà á? Kí a kọ èsì sílẹ̀, kí fọ́tò jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán.

Alhaji Sùlè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba tèmi náà. Mo ní àtọ̀gbẹ, ọdún méje rèé. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ ìka fi ṣúgà mi hàn ní 260, mo wá fi sítíríìpù wo ìtọ̀, GLU kò yí padà rárá, aró fẹ́ẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Mo rò pé ẹ̀rọ ìka ló bàjẹ́. Fítámì Sí 1000 ni mo ń lò lójoojúmọ́ nígbà náà nítorí òtútù. Ṣé ó kàn án?

Ìyá Lábù

Ó kàn án dáadáa, Alhaji. Páàdì GLU ní nǹkan kan tó ń jẹ ṣúgà, tó sì ń bí omi ajẹ́dọ̀tí kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò tó máa ń hó. Omi yẹn ló ń pa àwọ̀ dà. Fítámì Sí máa ń gba iṣẹ́ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, á jẹ omi náà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọ̀. Ó lè bo BLO náà mọ́lẹ̀ lọ́nà kan náà. Ṣùgbọ́n àní láìsí fítámì, ìtọ̀ tó wà nínú àpò ìtọ̀ yín ti ń kóra jọ láti wákàtí mélòó kan sẹ́yìn. Bí ṣúgà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, ìtọ̀ kò tíì gbọ́. Kíndìnrín kì í sì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi bó bá kọjá nǹkan bíi 180. Ẹ̀rọ ìka ni kí ẹ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Àǹtí Ṣadé

Èmi náà fẹ́ béèrè. Ibo lára sáàtì yẹn ni wọ́n ti ń rí táífọ́ọ̀dì? Wọ́n ní mo ní i, wọ́n sì gba ìtọ̀ mi.

Ìyá Lábù

Kò sí níbẹ̀, ìyá. Kò sí páàdì táífọ́ọ̀dì tàbí ti ibà lórí rẹ̀. Ẹ padà béèrè ohun tí wọ́n fi ìtọ̀ yẹn ṣe.

Bàbá Tólú

Mo padà dé. A lọ kílíníìkì láàárọ̀. Ìfúnpá wọn jẹ́ 134/86. Nọ́ọ̀sì ní kó tún tọ̀, ó ní kó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ ná kó tó gbé ike sábẹ́ ti àárín, ó sì ka sítíríìpù tirẹ̀ níwájú mi, ó ń wo aago. Ó kọ PRO sí àmì díẹ̀, SG 1.030, gbogbo èyí tó kù dára. Kí n tó kúrò nílé, mo ti fi ọ̀kan nínú tinú ọ̀rá wo ìtọ̀ àárọ̀ yẹn lẹ́bàá fèrèsé. PRO tèmi náà jọ àmì díẹ̀, ṣùgbọ́n NIT tèmi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ti nọ́ọ̀sì funfun. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Àǹtí Bísí

Ọlọ́run ṣeun. Àmì díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ọ̀pọ̀ aboyún ló ń ní i. Láìsí purotéènì, kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Ẹ lọ sinmi.

Ìyá Lábù

Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbà gbọ́ lórí NIT. Bàbá Tólú, ẹ mú ọ̀kan gbígbẹ nínú ọ̀rá yẹn, ẹ má rì í bọ nǹkan kan, ẹ wo NIT rẹ̀.

Bàbá Tólú

Ó ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó fi kan ìtọ̀.

Ìyá Lábù

Ohun tí mo rò náà nìyẹn. NIT ń wá ohun tí kòkòrò ń sọ iyọ̀ inú ìtọ̀ dà bí ìtọ̀ bá ti wà pẹ̀lú wọn nínú àpò fún bíi wákàtí mẹ́rin. Páàdì yẹn ni afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tètè ń bà jẹ́ jù. Inú ike tó ní ohun tó ń fa omi mu nínú ìdérí ló yẹ kó wà, kí a sì dé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá ti mú ọ̀kan. Inú ọ̀rá, kò sí ààbò. Bí NIT bá ti pọ́n ní gbígbẹ, ẹ ju gbogbo rẹ̀ nù, nítorí n kò mọ ohun tó ti ṣe àwọn páàdì yòókù tí kò fi hàn.

Àǹtí Bísí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò lè fi ohun tí ẹ sọ pé láìsí purotéènì kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún bẹ́ẹ̀ bí ìfúnpá bá dé 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí purotéènì sì wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀, tàbí ọpọlọ ti ń fi àmì hàn láìsí purotéènì rárá. Obìnrin lè ní i kí PRO má sì kúrò ní yẹ́lò.

Ní ti àmì díẹ̀ yìí, SG ni mo fi ń wò ó. Páàdì kò mọ iye purotéènì tó jáde lóòjọ́, bó ṣe ki nínú omi yẹn ló mọ̀. Ìtọ̀ 1.030 ti ki gan-an, ìtọ̀ òwúrọ̀ ni, omi kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà purotéènì díẹ̀ tí ara gbogbo wa ń tú jáde á hàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àmì díẹ̀ kan náà nínú ìtọ̀ 1.005 tó dà bí omi, ọkàn mi kò ní balẹ̀. Ṣùgbọ́n 134/86 kò jìnnà sí 140/90, ẹsẹ̀ sì ń wú. Ṣé nọ́ọ̀sì bèèrè fún ohunkóhun mìíràn?

Àǹtí Bísí

N kò bínú, mà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nígbà náà ni mo sọ. Síbẹ̀, ní wọ́ọ̀dù wa, bí a bá ní ká máa sáré lórí àmì díẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kò ní tó. Mo ṣì rò pé ẹ ń kó ìpayà bá wọn.

Ìyá Lábù

N kò ní kí wọ́n sáré. Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

Bàbá Tólú

Wọ́n gba ìtọ̀ mìíràn lọ sí lábù. Wọ́n ní àwọn máa fi purotéènì wé kíríátíníìnì inú rẹ̀ kí omi púpọ̀ tàbí omi díẹ̀ má lè tan àwọn jẹ. Èsì á jáde lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní kí a padà wá wọn ìfúnpá lọ́jọ́ kejì sí òní, kí a sì sáré wá bí orí bá ń fọ́. Mo ti ju ọ̀rá yẹn nù. Oníkẹ́míìsì ní òun ò mọ̀ pé kò yẹ kí òun máa kà á sínú ọ̀rá, ó ní òun á máa ta odindi ike. Màá mú èsì wá síbí lọ́jọ́bọ̀.